"Noted" kì í ṣe ìdáhùn: bí a ṣe ń kọ ímeèlì tí ọ̀gá àgbà yóò fi pinnu

Ní 3 April 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A kúrò ní 68 náírà lọ sí 225 fún ìwọ̀n kílówáàtì-wákàtí kan, pẹ̀lú ìlérí pé iná yóò wà fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń ṣe ìṣirò jẹnẹrétọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ ṣe ìṣirò náà ló sì máa kọ̀wé sí ọ̀gá. Ìbéèrè tí ó ń wọlé sọ́dọ̀ mi kò dá lórí iná mọ́, orí ìwé náà ni.

Mo kọ ímeèlì gígùn sí ọ̀gá àgbà wa lórí jẹnẹrétọ̀. Ó dáhùn pé "Noted". Ṣé ó ti gbà nìyẹn?

Rárá. Ó ti rí i ni. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ kò bi í ní ìbéèrè kankan.

Èwo wá ni kí n kọ́kọ́ kọ?

Ohun tí ẹ fẹ́ kí ó pinnu, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ, àti àbá tiyín. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú gbólóhùn méjì àkọ́kọ́, nítorí pé lórí fóònù ni ó ti máa kà á, láàárín ìpàdé méjì, ibi tí ojú fóònù bá sì parí sí ni kíkà rẹ̀ máa parí sí. Òfin ìkọ̀wé àwọn ológun Amẹ́ríkà, AR 25-50, pàápàá sọ pé kí kókó ọ̀rọ̀ wà níwájú. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ náà, ìtàn lẹ ń pa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀kan kí n rí i.

Ó dáa. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ń ta òkú Èkó, ẹja inú yìnyín, ó sì wà ní Band A. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye owó yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ yín yóò fi kọ tiyín, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ kò yàtọ̀.

> Subject: Ìpinnu kí ó tó di Jímọ̀ọ̀, aago mẹ́rin: jẹnẹrétọ̀ tuntun, mílíọ̀nù 14
>
> Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, a nílò ìpinnu yín kí aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tó lù, nítorí pé ìgbà náà ni iye tí oníṣòwò fún wa yóò yí padà: ṣé kí a ra jẹnẹrétọ̀ tuntun ni, àbí kí a tún ti àtijọ́ ṣe? Àbá mi ni pé kí a ra tuntun.
>
> 1. Ká ra tuntun: mílíọ̀nù 14. Lítà 7 ló ń mu ní wákàtí kan, ti àtijọ́ ń mu 10. Ní wákàtí 4 lójúmọ́, pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì ní 1,200 náírà, 432,000 náírà ni a ó máa rí fi pamọ́ lóṣù. Yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dé.
>
> 2. Ká tún ti àtijọ́ ṣe: mílíọ̀nù 2.5, ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù mẹ́fà péré ni mẹkáníìkì lè fọwọ́ sọ̀yà fún.
>
> 3. Ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: owó kankan kò jáde lónìí. Ó ti kú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí. Ẹja mílíọ̀nù 9 ló wà nínú yàrá yìnyín.
>
> Mílíọ̀nù 11.5 ni ti àkọ́kọ́ fi ju ti èkejì lọ. Yóò padà wọlé ní nǹkan bí oṣù 27. Bí a bá máa kó kúrò nílé yìí kí ọdún méjì tó pé, èkejì ni mà bá dábàá.
>
> Ẹ kàn fi 1, 2 tàbí 3 ránṣẹ́ padà, sà. Ìwé iye owó wà nínú fáìlì tí mo so mọ́ ọn.

Ẹ wo gbólóhùn nípa kíkó kúrò nílé yẹn dáadáa. Òun ni ó fún ọ̀gá láyè láti lo ohun tí òun nìkan mọ̀. Ẹ̀yin kò mọ̀ bóyá onílé ti fún un ní ìwé. Òun mọ̀ ọ́n. Àbá tí kò sọ ohun tí ó lè yí i padà máa ń mú kí ọ̀gá pe ìpàdé, ìpàdé náà yóò sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ohun kejì ni wákàtí 4 náà. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìṣirò yìí dúró lé. Ìlérí Band A, wákàtí 20, ló bí i. Bí ó bá jẹ́ wákàtí méjì péré ni iná ń lọ lójúmọ́ ní àdúgbò yín, ohun tí ẹ ó máa fi pamọ́ yóò dín sí ìdajì, oṣù 27 yóò sì di nǹkan bí 53. Nítorí náà, ẹ ka wákàtí tiyín nínú ìwé tí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ń kọ, kí ẹ má ṣe mú un láti inú ìròyìn. Akáńtáǹtì yóò bi yín.

Ṣé kò ní jọ àfojúdi? Mi ò lè ko ọ̀gá lójú kí n máa sọ pé "àbá mi".

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti wá. Nílé, a máa ń kí àgbà kí ó pẹ́, a ó tọrọ gáfárà, a ó ní tótó ó ṣe bí òwe, kí a tó fẹnu ba ọ̀rọ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a sì ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ìyẹn dára níbi tí ẹ̀yin méjèèjì bá jókòó, tí ẹ ń wo ojú ara yín. Nínú ímeèlì, àbọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń wà ní àbọ̀ ni.

Ọ̀wọ̀ wà nínú àpẹẹrẹ yẹn: ó kí i, ó ní "ẹ jọ̀ọ́", ó ní "sà". Àṣẹ náà ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ̀yin tí ẹ lọ bá oníṣòwò àti mẹkáníìkì ni ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà jù; bí ẹ bá kó àṣàyàn mẹ́ta síwájú rẹ̀ láìsọ èyí tí ẹ fara mọ́, iṣẹ́ yín lẹ gbé lé e lọ́wọ́. Inú "A gbọ́dọ̀" ni àfojúdi wà, kì í ṣe inú "Mo dábàá".

Àṣàyàn mélòó ló tó?

Méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ lè ṣe lóòótọ́. Ẹ má fi bátìrì mílíọ̀nù 45 kún un nítorí kí mílíọ̀nù 14 lè dà bí owó kékeré. Ọ̀gá ti lo ẹ̀tàn yẹn nígbà tí òun náà ń wá ipò.

"Ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀" ńkọ́? Ta ló máa yan ìyẹn?

Ọ̀gá tí kò bá dáhùn ti yàn án. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí iye rẹ̀ wà nínú ìwé.

Ta ni kí n fi sí CC?

Akáńtáǹtì, tí ẹ bá ti fi ìṣirò hàn án ṣáájú. Bí kò bá tíì rí i, ìbéèrè tirẹ̀ ni yóò ṣíwájú ìdáhùn ọ̀gá.

Ṣé mo lè kọ ọ́ pé bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí Jímọ̀ọ̀, mà á tẹ̀ síwájú?

Bí owó náà bá wà lábẹ́ iye tí ẹ̀yin fúnra yín lè buwọ́ lù, tí ó sì jẹ́ ohun tí a lè yí padà, bẹ́ẹ̀ ni. Mílíọ̀nù 14 kò sí nínú rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ náà bá dé tí ọ̀gá ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò ní jẹ́rìí yín. Fún irú èyí, ẹ pè é láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: 1, 2 tàbí 3?

Tí ó bá wá dáhùn lórí fóònù pé "Ẹ ṣe é" ńkọ́?

Èwo ni "é"? Ẹ bi í lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fèsì sórí ímeèlì yẹn kan náà kí ọjọ́ náà tó parí: "Ẹ ṣeun, sà. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ lórí fóònù lónìí, àṣàyàn 2 ni a mú, mílíọ̀nù 2.5, mẹkáníìkì yóò bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè." Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe èyí tí ẹ dábàá ni ó mú. Ẹ má tún ṣàlàyé fún un pé oṣù 27 ni. Ẹ kàn kọ ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà mẹkáníìkì yóò pé sórí kàlẹ́ńdà.