Itadakimasu àti gochisosama

Itadakimasu àti gochisosama ni gbólóhùn méjì tí àwọn ará Jàpáàn máa ń sọ nídìí oúnjẹ. Ẹni tó fẹ́ jẹun ń sọ èkíní kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ó sì ń sọ èkejì nígbà tó bá jẹ tán. Bí ó bá jẹ́ àgbà tàbí ẹni tí kò mọ̀ dáadáa ni ó ń bá sọ̀rọ̀, gochisosama deshita ni yóò sọ. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, fáwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn itadakimasu kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dún, wọ́n sì máa ń fa "so" inú gochisosama gùn díẹ̀.

Itadakimasu wá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe itadaku, tí í ṣe ìbátan itadaki, èyí tó túmọ̀ sí ṣóńṣó orí òkè tàbí àtàrí. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ènìyàn gbé nǹkan lé orí ni itadaku, nítorí pé ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ a máa gbé e sókè dé orí láti fi bọ̀wọ̀ fún olùfúnni. Láti ibẹ̀ ni ó ti di ọ̀rọ̀ ìrẹ̀sílẹ̀ fún gbígbà, jíjẹ àti mímu.

Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ ní èdè Yorùbá ni "Mo tẹ́wọ́ gbà á", nítorí pé títẹ́ ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan jẹ́ àmì ọ̀wọ̀ láàárín wa pẹ̀lú. Lóòótọ́, ènìyàn lè fẹ́ sọ pé "Mo fi kan orí" kí ó lè bá orísun ọ̀rọ̀ náà mu, ṣùgbọ́n orí nínú èrò Yorùbá ni a ń bẹ̀, òun náà ni a yàn láti ọ̀run, òǹkàwé yóò sì rò pé àdúrà sí orí ni. Itadakimasu kò ní ìtumọ̀ yẹn. Ìyàtọ̀ mìíràn ni pé gbólóhùn Jàpáàn náà kò ní ọ̀rọ̀ tó dúró fún "mo" tàbí "a", nígbà tí Yorùbá gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Nítorí náà, ní ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ọmọ tí iṣẹ́ kàn lọ́jọ́ náà ti ń ṣíwájú tí àwọn yòókù sì ń gbè é lẹ́ẹ̀kan náà, "A tẹ́wọ́ gbà á" ló yẹ.

Gbólóhùn náà kò dárúkọ ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó sè é, àgbẹ̀, tàbí apẹja. Nínú àlàyé tó bá ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Búdà mu, ẹja àti ewébẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀mí wọn sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń dá jẹun pàápàá fi ń sọ ọ́. Ìdí kan náà ni "Ẹ wá jẹun" kò fi lè jẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí ìpè sí ẹlòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Á gba ibi ire", tí í ṣe àdúrà ẹni tí kò bá wọn jẹ.

Ní ti gochisosama, "chiso" ni ọkàn rẹ̀. Àmì ìkọ̀wé méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan fún eré tí ẹṣin ń sá, èkejì fún sísáré. Ó ń tọ́ka sí bí onílé ṣe ń sáré sókè sódò láti wá ohun tí àlejò yóò jẹ. "Go" àti "sama" fi ọ̀wọ̀ kún un, deshita sì fi hàn pé ó ti parí. "Mo ti yó" kò tó, nítorí ikùn ẹni tó jẹun nìkan ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. "Ẹ kú wàhálà oúnjẹ" ló gbé wàhálà ẹni tó sè é yọ. Bí ọ̀gá bá san owó oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, gochisosama deshita kan náà ni wọn yóò sọ fún un, ṣùgbọ́n níhìn-ín "Ẹ kú ìnáwó" ni Yorùbá yóò lò.

Ẹ jẹ́ ká wo àlejò kan tí wọ́n gbé ìrẹsì, ọbẹ̀ miso àti ẹja yíyan síwájú rẹ̀. Onílé sọ pé "Dozo", ìyẹn ni pé kí ó máa jẹ. Àlejò pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní "Itadakimasu", kí ó tó mú igi ìjẹun. Nígbà tó jẹ tán, ó to igi ìjẹun padà sí ipò wọn, ó tún pa ọwọ́ pọ̀, ó ní "Gochisosama deshita". Onílé lè dáhùn pé "Osomatsusama deshita", tí ó túmọ̀ sí pé oúnjẹ náà kò jẹ́ nǹkan kan. "Kò tó ọpẹ́" ni a lè fi túmọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúrà ni ọ̀pọ̀ ìyá Yorùbá yóò kọ́kọ́ fi dáhùn.