Ìwé ìjẹ́pè: kì í ṣe àbá, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀

Inú máa ń bí mi sí orúkọ tí a ń pe ìwé tí oníṣòwò ń kọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá tó kéde pé òun ń wá ẹni tí yóò ta ọjà fún òun. Àwọn kan ní "tẹ́ńdà". Ṣùgbọ́n tẹ́ńdà kan náà ni wọ́n ń pe ìkéde ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, a kò wá mọ èwo ni wọ́n ń wí. Àwọn mìíràn ní "ìwé ìtọrọ iṣẹ́", èyí ló sì burú jù, torí orúkọ náà ti ran ìwé fúnra rẹ̀: ojú ewé àkọ́kọ́ á kún fún ìkíni àti "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa", iye owó á sì fara pamọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Ilé-Ifẹ̀ ní "àbá" ló tọ́. Mo ti bá a jiyàn títí. Ẹni tó dábàá lónìí lè yí i padà lọ́la, kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Ìwé yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òfin àdéhùn tí à ń lò, ìkéde ilé-iṣẹ́ kì í sábà de ẹnikẹ́ni. Ìwé tiyín ló ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á tí wọ́n sì fi tó yín létí, àdéhùn ti wà nìyẹn, iye tí ẹ kọ sì ti mú yín. Ìdí tí mo fi ń pè é ní ìwé ìjẹ́pè nìyí: wọ́n pè, ẹ jẹ́. Orúkọ náà tún ń rán òǹkọ̀wé létí pé ohun tí wọ́n béèrè ni kó dáhùn, bí wọ́n ṣe tò ó gan-an.

Aránṣọ kan ládùúgbò wa ní Ìlẹ́ṣà jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ fún 200 aṣọ iṣẹ́. Lórí aṣọ kan, aṣọ yáàdì gba 7,200 náírà, òwú àti bọ́tìnì 800, owó ìránṣọ 2,500, owó ọkọ̀ 500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 11,000. Ó fi 3,000 lé e fún owó ṣọ́ọ̀bù, iná àti èrè, ó kọ 14,000 sílẹ̀. Kò kọ ọjọ́ tí iye náà yóò dópin. Ọ̀sẹ̀ 11 kọjá kí wọ́n tó gbà á, aṣọ yáàdì náà sì ti di 8,900. Ó rán an, torí kò fẹ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, 340,000 sì lọ nínú 600,000 tó fi lé e.

Nísinsìnyí, ó máa ń kọ ọ́ pé: "Iye yìí dúró fún 30 ọjọ́ láti ọjọ́ tí ìpè yín parí." Ṣùgbọ́n bí ìpè bá béèrè fún 90 ọjọ́, ẹni tó kọ 30 lè pàdánù kí wọ́n tó ka iye rẹ̀ rárá. Kó gba 90 náà, kó sì fi ewu ọ̀wọ́n ọjà sínú iye.

Ọjọ́ ìsanwó náà ní iye tirẹ̀. Àwọn baba wa òṣómàáló ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè kò san, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Kò sẹ́ni tó lè lóṣòó sí ọ́fíìsì akáǹtì ilé-iṣẹ́ ńlá. Ìlà ọjọ́ ìsanwó nínú ìwé ìjẹ́pè ló ń bá yín lóṣòó síbẹ̀. "Ọjọ́ 45" nìkan kò tó. Láti ìgbà wo? Bí ẹ bá kọ "láti ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí ìwé owó wa", wọ́n lè má fọwọ́ sí i fún oṣù mẹ́ta. Ẹ kọ "láti ọjọ́ tí ẹ gba ọjà", kí ẹ sì gba ìwé tó ní déètì àti ìbuwọ́lù.

Aránṣọ wa ń yá 1,600,000 ra aṣọ, òwú àti bọ́tìnì, ní èlé 3 nínú 100 lóṣù. Ìránṣọ àti ìdúró jẹ́ oṣù méjì: 96,000, ìyẹn 480 lórí aṣọ kan. Nítorí náà 14,480 ló yẹ kó kọ. Gbogbo 200 jẹ́ 2,896,000. Owó orí ọjà, 7.5 nínú 100, jẹ́ 217,200. Bí òfin bá ní kó gbà á, kó kọ ọ́ sí ìlà ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ti wà nínú 14,480.

Ó ku àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yín àtẹ̀yìnwá. Ẹ má pè wọ́n ní onígbọ̀wọ́ mọ́! Onígbọ̀wọ́ ló ń san gbèsè bí ẹ bá sá. Ẹlẹ́rìí iṣẹ́ ni àwọn wọ̀nyí. Mẹ́ta tó, tí iṣẹ́ wọn jọ èyí ní ìwọ̀n. Orúkọ ẹni tó gba ọjà lọ́wọ́ yín gan-an ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, torí bí wọ́n bá pè é tó ní "aránṣọ wo?", ẹ̀rí náà ti bàjẹ́.