Bí Síívì Ṣe Ń Tọwọ́ Ojúlùmọ̀ Dé Ọ̀dọ̀ Tíìmù Téèyàn Fẹ́

Téèyàn bá sọ fún ojúlùmọ̀ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi síívì mi ránṣẹ́ sí tíìmù báyìí", ọ̀nà méjì ni síívì yẹn lè gbà. Ọ̀nà kìíní ni pọ́tàlì ilé iṣẹ́, ìyẹn sọfitíwíà tí wọ́n fi ń tọ́jú orúkọ gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, bíi Greenhouse tàbí Workday. Ojúlùmọ̀ á wọlé síbẹ̀, á mú iṣẹ́ tí wọ́n kéde, á kọ orúkọ àti íméèlì ẹni tó ń mú wá, á gbé síívì sókè, á sì dáhùn ìbéèrè bí wọ́n ṣe mọra. Ọ̀nà kejì ni kó fi íméèlì tàbí mẹ́séèjì ránṣẹ́ tààrà sí ọ̀gá tíìmù yẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Pọ́tàlì ló ń fi orúkọ sínú àkọsílẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń rí i níbẹ̀, ó sì lè wà láàárín ọ̀pọ̀ orúkọ mìíràn títí wọ́n á fi dé orí ẹ̀. Íméèlì ló ń mú kí ọ̀gá tíìmù fojú ara ẹ̀ rí i lọ́jọ́ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n bó bá tiẹ̀ fẹ́ràn ohun tó rí, tí orúkọ ò bá sí nínú pọ́tàlì, ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò lè pe ẹni náà wá fún íntáfíù, á ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ ná. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kéèyàn bẹ ojúlùmọ̀ pé kó ṣe méjèèjì, pọ́tàlì ṣáájú, kí íméèlì tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ jù ni kéèyàn ti fi ara ẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù kó tó bẹ ojúlùmọ̀. Àdírẹ́sì íméèlì ni sọfitíwíà sábà fi ń dá èèyàn mọ̀, torí náà tó bá ti rí àdírẹ́sì yẹn tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í kà á mọ́ pé òṣìṣẹ́ àwọn ló mú un wá, owó tí wọ́n sì máa ń fún òṣìṣẹ́ tó bá mú èèyàn wá lè bọ́ mọ́ ojúlùmọ̀ yẹn lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì kankan. Tí ọjọ́ bá ti fẹ́ pé tí wọ́n máa ti iṣẹ́ náà pa, ẹ forúkọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un gbangba pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀, kó lè fi íméèlì nìkan ránṣẹ́ sí ọ̀gá tíìmù. Ẹ má sì ní kí ojúlùmọ̀ méjì fi síívì kan náà sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan, ẹni tó kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó jẹ́ tẹ́sítà, ìyẹn ẹni tó ń yẹ sọfitíwíà wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tó fẹ́ wọ tíìmù ìsanwó ní ilé iṣẹ́ kan. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn ló wà, kò mọ ẹnì kankan ní tíìmù ìsanwó. Ìyẹn ò burú, nítorí ẹni tó wà nínú ilé lè wo ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ kó rí ẹni tó ń darí tíìmù yẹn, ohun téèyàn ìta kò lè rí nìyẹn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò lè ṣàlàyé iṣẹ́ tẹ́sítà fún ọ̀gá yẹn, obìnrin yìí ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Mẹ́séèjì méjì ló máa kọ. Èkíní wà fún ọkùnrin yẹn nìkan:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé tíìmù ìsanwó yín ń wá tẹ́sítà, nọ́ńbà iṣẹ́ náà ni 4127. Mi ò tíì forúkọ sílẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù. Ṣé ẹ lè bá mi fi síívì mi sínú pọ́tàlì yín, kẹ́ ẹ tún fi mẹ́séèjì kejì tí mo kọ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń darí tíìmù náà? Tí kò bá rọrùn fún yín, kò sí wàhálà rárá, màá gba orí wẹ́ẹ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì."

Èkejì ni ọ̀gá tíìmù máa kà:

"Ẹ ǹlẹ́ o. Tẹ́sítà ni mí, ó ti tó ọdún 4. Níbi tí mo wà báyìí, èmi ni mò ń yẹ apá tí kọ́sítọ́mà ti ń fi káàdì sanwó wò, mo sì kọ àwọn tẹ́sìtì tó máa ń mú un tí owó bá fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì, kó tó dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́mà. Iṣẹ́ nọ́ńbà 4127 ni mo fẹ́. Síívì mi wà nísàlẹ̀."

Ẹ wo bí kò ṣe sí "ẹ ṣàánú mi" tàbí ìkíni ilé nínú èkejì. Tó bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan, ọkùnrin yẹn á ní láti yọ díẹ̀ kúrò kó tó lè fi ránṣẹ́, ẹni tí iṣẹ́ sì wà lọ́rùn ẹ̀ á ní òun máa ṣe é lọ́la, ọ̀la yẹn lè má dé. Ọ̀rọ̀ owó tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì yẹn náà ló ṣe pàtàkì jù, torí kò sí ọ̀gá tíìmù ìsanwó tí kò mọ ìnira ẹ̀.

Síívì gbọ́dọ̀ jẹ́ PDF tí wọ́n so mọ́ mẹ́séèjì, kì í ṣe lìǹkì Google Docs tó máa ní kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó lè ṣí i, torí ọ̀gá tí kò mọ̀ yín rí kò ní tọrọ.

Pọ́tàlì sábà máa ń bi ojúlùmọ̀ léèrè ohun tó mọ̀ nípa yín, ẹ fún un ní nǹkan tó fojú ara ẹ̀ rí. Ọkùnrin yìí lè kọ ọ́ pé nígbà tí kọ́sítọ́mà bá pariwo pé nǹkan ò ṣiṣẹ́, obìnrin yìí ló máa ń wá ibi tó ti bàjẹ́ rí kí ilẹ̀ tó ṣú. Òótọ́ ni, ó sì lágbára ju "òṣìṣẹ́ dáadáa ni" lọ. Tó bá jẹ́ orí LinkedIn nìkan lẹ ti mọra, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, torí tí irọ́ bá já, orúkọ tiẹ̀ ló máa bàjẹ́ níbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn tó bá ti fi í sílẹ̀, ọ̀pọ̀ pọ́tàlì máa ń fi íméèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wáṣẹ́ fúnra ẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi lìǹkì sí i pé kó wá kọ ìyókù fọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń pàdánù, íméèlì yẹn á bọ́ sínú sípáàmù, fọ́ọ̀mù ò ní parí, ojúlùmọ̀ á sì rò pé òun ti ṣe tòun. Tẹ́ ò bá rí nǹkan kan lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ wo sípáàmù, kẹ́ ẹ tó bi í léèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nígbà tẹ́ ẹ bá bi í, ẹ rántí pé ibi tí orúkọ dé nìkan ló sábà ń rí, kì í rí ohun tí wọ́n ń sọ nípa yín.

Tí tíìmù yẹn ò bá kéde iṣẹ́ kankan, ọ̀pọ̀ pọ́tàlì ò ní gba orúkọ sílẹ̀ fún wọn torí kò sí nọ́ńbà iṣẹ́. Íméèlì nìkan ló kù nìyẹn, ohun tó sì dáa láti tọrọ nínú ẹ̀ ni ìṣẹ́jú 15 láti bá ọ̀gá tíìmù sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kí síívì kàn wà nísàlẹ̀ ẹ̀.