Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n kọ èébú pamọ́ sára ìgò Kóòkì?

Àwòrán kan wà tí kì í kú lórí Wasáàpù. Bó bá pa rẹ́ fún ọdún kan, yóò tún yọjú. Orúkọ Coca-Cola ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò àti agolo, àmọ́ wọ́n ti yí i padà bí ẹni ń wò ó nínú dígí. Ẹni tó fi ránṣẹ́ á ní kí ẹ kà á láti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ sí òsì bí a ṣe ń ka Lárúbáwá, ẹ ó rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ ni “Kò sí Muhammad, kò sí Mẹ́kà”. Á wá kìlọ̀ pé Mùsùlùmí òdodo kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́, kí ẹ sì tètè fi tó àwọn ẹlòmíì létí.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí pé ní Nàìjíríà tiwa, ẹ̀sùn pé ẹnì kan bú Ànọ́bì lè gba ẹ̀mí olúwarẹ̀. Ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó dúró lórí nǹkan tí ojú kàn ṣì rí. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú ṣì rí ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Lọ́dún 1886, ní ìlú Àtìláńtà ní Amẹ́ríkà, apòògùn kan tó ń jẹ́ John Pemberton po ohun mímu kan. Frank Robinson ni akọ̀wé owó rẹ̀, òun náà ló sọ ohun mímu ọ̀hún lórúkọ. Ó mú apá kan láti ara ewé kóká, ó mú apá kejì láti ara obì tí òyìnbó ń pè ní kola, obì wa tí wọ́n ń kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí òkè òkun. Ó fẹ́ kí orúkọ náà ní lẹ́tà C ńlá méjì, torí ó gbà pé yóò wuyì lójú nínú ìpolówó. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Irú ọwọ́ tó fi kọ ọ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Lásìkò yẹn, ìkọ̀wé kan gbòde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi orúkọ olùkọ́ kan, Platt Rogers Spencer, pè. Òun ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, òun sì ni àwọn akọ̀wé fi ń kọ lẹ́tà àti ìwé ìṣirò owó kí ẹ̀rọ táípù tó dé gbogbo ọ́fíìsì. Lẹ́tà inú rẹ̀ máa ń dagun sí ọ̀tún, wọ́n máa ń di ara wọn mú, lẹ́tà ńlá sì máa ń ní ìrù gígùn tó rọ̀ bí rìbọ́nù. Orúkọ Ford tí ẹ ń rí níwájú ọkọ̀ bá irú ìkọ̀wé yìí tan. Nítorí náà, ohun tí à ń rí lára ìgò ni bí akọ̀wé owó kan ní Amẹ́ríkà ìgbà náà ṣe ń kọ̀wé. Ẹ wo C àkọ́kọ́ dáadáa: ìrù rẹ̀ gba abẹ́ lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kọjá. Ẹ wo C kejì: ti orí rẹ̀ ló nà lọ sí iwájú, tó sì gba inú ihò lẹ́tà l kọjá. Ọ̀ṣọ́ lásán ni ìrù méjèèjì. Bí ẹ bá gé wọn kúrò, Coca-Cola ni yóò ṣì máa jẹ́.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun la ó fi dán ọ̀rọ̀ náà wò. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní egungun, ó sì ní aṣọ. Egungun rẹ̀ ni àwọn ìlà tí a kò lè yọ kúrò kí lẹ́tà náà má di nǹkan mìíràn. Aṣọ rẹ̀ ni ìrù, ìtẹ̀kọdọrọ, ìsanra àti àwọ̀. Ẹni tó bá ń ka ìkọ̀wé tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, yálà lára aṣọ, lára ọkọ̀ tàbí lára páálí ọjà, egungun ló ń wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá egungun Lárúbáwá tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó nílé kéwú díẹ̀ lè bá wa kà á. “Lá”, ìyẹn “kò sí”, jẹ́ lẹ́tà méjì, lámù àti álífù. Ìlà gíga ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ní gbólóhùn náà ní “lá” lẹ́ẹ̀mejì, ìlà gíga mẹ́rin nìyẹn. Orúkọ Mẹ́kà fúnra rẹ̀ ní mímù, káfù àti tá róbótó tó máa ń wà níparí ọ̀rọ̀. Káfù tún ga, ìkarùn-ún nìyẹn. Ẹ wá padà sára ìgò kí ẹ ka ohun tó ga níbẹ̀: C méjì àti l kan ṣoṣo. Mẹ́ta péré. Nínú mẹ́ta ọ̀hún, méjì ká kòròkòtò bí apá igbá, wọn kò sì ní ìlà tó dúró ṣánṣán. Tá ìparí Mẹ́kà sì tún ní àmì róbótó méjì lórí, èyí tí kò sí níbikíbi lára ìgò.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn akọ̀wé Lárúbáwá máa ń yọ àmì róbótó sílẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn ìwé Kùránì àtijọ́ tí wọ́n kọ lọ́nà Kúfì, díẹ̀ ni àmì inú wọn, òmíràn kò sì ní rárá. Ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé kan tó máa ń yọ lámù àti álífù dànù kó tó sọ pé òun ti kọ “lá”. Àmì lè fò, egungun kì í fò.

Báwo ni ojú àwọn ènìyàn ṣe wá rí i? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà ló ṣe é. Ṣáájú kí ẹ tó wo àwòrán, wọ́n ti sọ ohun tí ẹ máa rí fún yín. Ojú yín á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìlà: yóò mú èyí tó bá ọ̀rọ̀ náà mu, yóò fo èyí tí kò bá a mu, bí a ṣe ń rí orí ènìyàn nínú ìkùukùu kété tí ẹnì kan bá ti nàka sí i. Nínú àwọn kan lára àwòrán wọ̀nyí, wọ́n tiẹ̀ máa ń fi pupa tẹ àwọn ìlà kan kí ó hàn ketekete, wọn á sì fi èyí tó kù sílẹ̀ láìsọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ kò le. Ẹ gé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kúrò, kó ku àwòrán tí wọ́n yí padà nìkan, láìsí pupa kankan. Ẹ fún àáfà tó gbọ́ Lárúbáwá dáadáa tí kò sì tí ì gbọ́ ìtàn náà rí. Ẹ má sọ nǹkan kan fún un ju “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí” lọ. Bí ó bá jẹ́ pé Lárúbáwá ni, yóò kà á láìsí ìrànlọ́wọ́. Bó bá bi yín pé èdè wo lẹ gbé wá yìí, ìdáhùn ti dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́dún 2000, ó gbilẹ̀ ní Íjíbítì débi pé wọ́n gbé e dé iwájú Mùfútì Àgbà ilẹ̀ náà, Ṣéú Nasr Farid Wassel. Ó wò ó, ó sì kéde pé orúkọ náà kò bú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ì báà jẹ́ ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí Lárúbáwá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àwa Kìrìsìtẹ́nì náà ní tiwa. Láti ọdún 2014 ni fídíò kan ti ń káàkiri nípa Monster, ohun mímu inú agolo dúdú, èyí tó ní M aláwọ̀ ewé tó dà bíi pé èékánná ẹranko ló fà á ya. Wọ́n ní ìlà mẹ́ta inú M náà jẹ́ lẹ́tà Hébérù tó ń jẹ́ fáfù, pé fáfù sì jẹ́ 6, nítorí náà 666 ni wọ́n kọ síbẹ̀, nọ́ńbà ẹranko inú ìwé Ìfihàn.

Òótọ́ kan wà nínú rẹ̀: àwọn Júù máa ń fi lẹ́tà ṣe nọ́ńbà, fáfù sì jẹ́ 6 lóòótọ́. Ibi tó ti wó ni bí wọ́n ṣe ń kà á. Nọ́ńbà tiwọn kò rí bíi ti wa, níbi tí 6 àkọ́kọ́ nínú 666 ti dúró fún ẹgbẹ̀ta. Ṣe ni wọ́n máa ń ro lẹ́tà pọ̀ mọ́ ara wọn. Fáfù mẹ́ta jẹ́ 6 pẹ̀lú 6 pẹ̀lú 6, èyí tó fún wa ní 18. Ẹni tó bá fẹ́ kọ 666 ní Hébérù yóò kọ táfù tó jẹ́ 400, réṣì tó jẹ́ 200, sámẹ́kì tó jẹ́ 60, kó tó wá kan fáfù kan ṣoṣo tó jẹ́ 6. Lẹ́tà mẹ́rin ni, mẹ́ta nínú wọn kò sì fara jọ ohunkóhun tó wà lára agolo náà. Èdè Gíríìkì tiẹ̀ ni wọ́n fi kọ ìwé Ìfihàn.

N kò sọ pé ìjọra kì í wáyé rárá o. Lọ́dún 1997, ilé iṣẹ́ Nike kọ ọ̀rọ̀ náà Air sí ara bàtà kan bí ọwọ́ iná tó ń jó. Àwọn Mùsùlùmí ní Amẹ́ríkà wò ó, wọ́n rí orúkọ Ọlọ́run ní Lárúbáwá, lára bàtà tí ènìyàn ń kó sẹ́sẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí àti ti ìgò Kóòkì. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n wá dígí kí wọ́n tó rí i: bí bàtà ṣe wà lórí igbá náà ni wọ́n ṣe rí i. Ọwọ́ iná ló fà á. Nígbà tí lẹ́tà mẹ́ta di iná, egungun wọn pòórá, ohun tó kù ni àwọn ìlà tó ga sókè tí ìsàlẹ̀ wọn so pọ̀, irú èyí tí álífù àti lámù méjì máa ń ní.

Síbẹ̀, ìjọra ọ̀tọ̀, èrò ọkàn ọ̀tọ̀. Lẹ́tà Air ni wọ́n kọ, ilé iṣẹ́ náà sì ní àwọn kò gbèrò láti bú ẹnikẹ́ni. Àwọn Mùsùlùmí tó fi ẹjọ́ sùn lọ bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n fi bàtà hàn wọ́n, wọ́n sì tọ́ka sí lẹ́tà tó ń dà wọ́n láàmú. Nike bẹ̀bẹ̀, ó sì kó nǹkan bí bàtà 38,000 kúrò lọ́jà.