Lílọ̀ ojú òkè nínú ìtẹ̀ tírídíì

Lílọ̀ ojú òkè ni iṣẹ́ àṣekẹ́yìn tí pírńtà tírídíì máa ń ṣe lórí ìpele òkè ohun tó ń tẹ̀, kí ojú ibẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn tí ẹnu idẹ, ìyẹn ẹnu gbígbóná tí ike yíyọ́ ń gbà jáde, bá ti to ìlà ike ìpele náà tán, yóò padà sórí rẹ̀ ní gíga kan náà, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń lọ aṣọ, ike bíńtín ni yóò sì máa tú jáde. Ooru ẹnu náà á yọ́ orí àwọn ìlà, ike bíńtín yìí á sì dí kòtò tó wà láàárín wọn. Sílísà, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń gé àwòrán ohun sí ìpele-ìpele kó tó dé ọ̀dọ̀ pírńtà, ló ń fi iṣẹ́ yìí kún un. `Ironing` ni orúkọ tí wọ́n kọ sí i lójú kọ̀ǹpútà.

Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ dá lórí PrusaSlicer, tó ti ní ìlò yìí láti ẹ̀dà 2.3 ti ọdún 2021, pẹ̀lú okùn ike tí wọ́n ń pè ní PLA, tó nípọn mìlímítà 1.75, àti ẹnu idẹ tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.4.

## Ohun tó ń lọ ojú náà

Kì í ṣe ihò ẹnu idẹ ló ń lọ ike, etí pẹrẹsẹ tó yí ihò náà ká ni. Lára ẹnu oníhò mìlímítà 0.4, etí yìí máa ń fẹ̀ tó bíi mìlímítà 1 láti ìkángun kan dé èkejì. Ìdí nìyí tí ẹnu tó ti jẹ, tí etí rẹ̀ ti di roboto, kì í fi í lọ ojú dáadáa bó ti wù kí ètò sílísà péye tó. Ike dúdú tó bá lẹ̀ mọ́ etí náà á fa ìlà sára iṣẹ́. Bí ẹnu náà bá ṣì gbóná, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin idẹ nù ún kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lílọ̀ kò lè tún ojú tó ti bàjẹ́ látìsàlẹ̀ ṣe. Bí ìpele òkè bá tinrin jù, yóò rì sáàárín àwọn ògiri inú ohun náà, ẹnu idẹ á sì máa kọjá lókè kòtò láì kàn án. Ìpele márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní mìlímítà 0.2, ìyẹn mìlímítà 1 lápapọ̀, ló tọ́ fún ohun tí inú rẹ̀ kún ní 15% sí 20%. Bákan náà, bí ike tó ń jáde nígbà ìtẹ̀ lásán bá ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, kò sí kòtò tí ike lílọ̀ máa dí, ńṣe ni yóò kóra jọ. Ìwọ̀n ike ìtẹ̀ lásán ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, ká tó fọwọ́ kan ètò lílọ̀ rárá.

## Ètò mẹ́ta tó ṣe kókó

Ètò mẹ́ta ló ń pinnu bí ojú náà yóò ṣe rí: ìwọ̀n ike tó ń jáde, àlàfo láàárín ìlà kan àti èkejì, àti eré tí ẹnu idẹ ń sá. Báyìí ni wọ́n ṣe wà nínú fáìlì ètò PrusaSlicer, pẹ̀lú iye tí wọ́n máa ń bá wá:

```
ironing = 1
ironing_type = top
ironing_flowrate = 15%
ironing_spacing = 0.1
ironing_speed = 15
```

Gíga ìpele ni 15% yẹn ń tọ́ka sí. Bí ìpele bá ga ní mìlímítà 0.2, ike tí lílọ̀ máa fi kún un tó ohun tí ìbá ga ní mìlímítà 0.03 tí a bá tẹ́ ẹ káàkiri ojú náà. Àlàfo mìlímítà 0.1 túmọ̀ sí pé etí pẹrẹsẹ ẹnu idẹ yóò gba orí ibì kan náà kọjá ní bí ìgbà mẹ́wàá. Bí a bá sọ àlàfo di 0.15, yóò dín sí bí ìgbà mẹ́fà tàbí méje, èyí tó ṣì tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

Èyí tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé eré nìkan ló ń pinnu àsìkò. Àlàfo náà ń pinnu rẹ̀ bákan náà, nítorí bí ìlà bá ṣe sún mọ́ra tó ni ọ̀nà tí ẹnu idẹ máa rìn ṣe máa gùn tó.

## Àpẹẹrẹ: pátákó ṣọ́ọ̀bù aláró

Ẹ jẹ́ ká mú pátákó kékeré kan fún ẹnu ṣọ́ọ̀bù aláró ní Òṣogbo, ìlú aró: mìlímítà 100 ní gígùn, 60 ní fífẹ̀, tí a kọ ALÁRÓ ÒṢOGBO sí. Ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6,000 níbùú lóròó. Ká fojú fo àyè tí lẹ́tà gbà ná.

Pẹ̀lú àlàfo 0.1, ọ̀nà tí ẹnu idẹ máa rìn jẹ́ mìlímítà 60,000, ìyẹn mítà 60. Bó bá ń rin mìlímítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò lo ìṣẹ́jú àáyá 4,000, tí í ṣe wákàtí kan ó lé bí ìṣẹ́jú méje. Ike tó máa lò fún gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 0.22 lọ. Bí a bá sọ àlàfo di 0.15, tí a sì sọ eré di 30, ọ̀nà náà dín sí mítà 40, àsìkò rẹ̀ sì bọ́ sí ìṣẹ́jú 22. Ike tó máa lò kò yí padà.

Bí a ṣe kọ lẹ́tà sára pátákó náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí lẹ́tà bá yọ sókè, tí a sì yan `Topmost surface only` fún `ironing_type`, orí lẹ́tà nìkan ni yóò lọ̀, ojú pátákó fúnra rẹ̀ á wà ní gbẹ́rẹgbẹ̀rẹ. Bí a bá yan `All top surfaces`, yóò lọ méjèèjì, àmọ́ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà á wá di ìṣòro. Àmì kóńkó abẹ́ Ṣ, tí kò ju mìlímítà 2 lọ, kéré débi pé ẹnu gbígbóná kì í kúrò lórí rẹ̀ pẹ́ tó kó fi lè tutù. Á yọ́, á sì dà nù. Fún àkọlé Yorùbá, ó sàn kí a jẹ́ kí lẹ́tà jìn sínú, bíi mìlímítà 0.6, ká sì yan `Topmost surface only`. Ojú pátákó á jọ̀lọ̀, ìsàlẹ̀ lẹ́tà tí a kò lọ̀ á ṣì ní ìlà rẹ̀, ìyàtọ̀ méjèèjì á sì jẹ́ kí àkọlé hàn kedere. Kí ihò àmì náà má kéré ju mìlímítà 1 lọ, nítorí ike tí lílọ̀ ń tì síwájú lè dí i.

## Ooru tó ń gun òkè

Èyí ni àbùkù tó wọ́pọ̀ jù lórí ojú gbígbòòrò. Nígbà tí pírńtà bá ń to ìlà òkè lásán, tó fẹ̀ ní 0.45, ní eré 40, okùn ike máa ń wọlé ní bíi mìlímítà 90 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà lílọ̀, pẹ̀lú iye tó bá sílísà wá, mìlímítà 1.1 péré ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Okùn tútù tó yẹ kó máa wọlé láti lé ooru padà kò wọlé mọ́. Ooru á wá máa gun ọrùn irin tí okùn ń gbà dé ẹnu idẹ lọ sókè, síbi tó yẹ kí okùn ṣì le. PLA máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 60 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bó bá ti rọ̀ níbẹ̀, á wú, á há mọ́ ògiri ọrùn náà, jíà tó ń ti okùn wọlé á sì máa họ ọ́ láìlè tì í.

Bí a ṣe máa mọ̀ ni pé ibi tí lílọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ á dán, ibi tó parí sí á rí gbẹ́rẹgbẹ̀rẹ. Bó bá jẹ́ pé pẹpẹ tí pírńtà ń tẹ iṣẹ́ sí ni kò tẹ́jú, ibì kan náà lórí pẹpẹ ni àbùkù á máa wà, bí a tilẹ̀ yí pátákó náà sí ìhà mìíràn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ ló ń tún pẹpẹ ṣe léraléra nígbà tó jẹ́ pé ooru ni.

Ètò àlàfo 0.15 àti eré 30 ń sọ ìwọlé okùn di mìlímítà 3.4 ní ìṣẹ́jú kan, àsìkò lílọ̀ sì ti dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Yàtọ̀ sí èyí, kí a ṣí ilẹ̀kùn àpótí tí pírńtà bá wà nínú rẹ̀, kí a dín ooru ẹnu kù pẹ̀lú ìwọ̀n 5, kí a sì yẹ fáànù kékeré ọrùn irin wò bóyá eruku ti dí i. Ní Fébúárì àti Máàṣì, tí ọ̀sán Òṣogbo máa ń mú jù, òru tàbí ìdájí ló sàn fún irú iṣẹ́ yìí.

Iná tó bá lọ láàárín lílọ̀ náà ń ṣe ojú ní jàǹbá. Bí ẹnu gbígbóná bá dúró sójú kan, á dá egbò síbẹ̀, bí pírńtà bá tilẹ̀ lè tẹ̀síwájú nígbà tí iná bá dé, àpá náà kì í lọ. Ẹni tí kò bá ní báttìrì ìpamọ́ iná ní ìdí tó pọ̀ láti yan ìṣẹ́jú 22 dípò wákàtí kan.

## Kíka ojú iṣẹ́

Bí kòtò bá ṣì hàn láàárín ìlà káàkiri ojú náà, ike kò tó. Kí a fi 2% tàbí 3% kún un. Bí ìlà tó yọ bí ebè bá hàn, tí etí iṣẹ́ sì ní ike tó yọ síta bí ètè, ike ti pọ̀ jù. Ihò wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́, pẹ̀lú ìró tó ń ta pàrà lẹ́nu idẹ, jẹ́ àmì okùn tó ti fa omi. Ó wọ́pọ̀ nígbà òjò, ó sì máa ń hàn gan-an nígbà lílọ̀ nítorí okùn ń pẹ́ nínú ooru. Kí a gbẹ PLA náà ní ìwọ̀n 45 sí 50 fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà.

Láti mọ iye tó bá okùn kan mu, a lè tẹ pálí kéékèèké mẹ́sàn-án, mìlímítà 20 sí 20: ike 10%, 15% àti 20%, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àlàfo 0.1, 0.15 àti 0.2. PrusaSlicer gbà kí a fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀. Ní eré 15, lílọ̀ gbogbo wọn gba bíi ìṣẹ́jú 29. Àmọ́ pálí tó dán kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí fún pátákó ńlá, nítorí ooru tó ń gun òkè lè má fara hàn kí wákàtí tó pé.

## Ibi tí kò wúlò

Ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ nìkan ni lílọ̀ wà fún. Lórí ohun tó tẹ̀ kọdọrọ tàbí tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ńṣe ni yóò lọ àtẹ̀gùn ìpele kọ̀ọ̀kan, tí wọn á sì túbọ̀ hàn. Kò kan ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀.

## Nínú sílísà mìíràn

Cura ní `Ironing Flow`, `Ironing Line Spacing` àti `Ironing Inset`. Èyí tó kẹ́yìn yìí ń jẹ́ kí lílọ̀ dúró díẹ̀ kó tó dé etí, kí ètè ike má bàa yọ. OrcaSlicer náà ní wọn, ó sì ní ètò tó ń yí ìhà tí ìlà lílọ̀ kọjú sí. Kí ó dábùú ìlà ìpele òkè ló sàn jù kí ó bá a rìn lọ́gbọọgba. Bambu Studio máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ike 10%, àlàfo 0.15 àti eré 30.