Ráútà Kì Í Gba Páásíwọọ̀dù Lọ́wọ́ Fóònù Rẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ títí tó ti sú mi. Ẹnìkan á ní kí a má ṣe so fóònù mọ́ wáífáì níbi tí èrò bá pọ̀ sí, torí pé bí fóònù bá ti ń wọlé, ńṣe ló ń ju páásíwọọ̀dù sójú afẹ́fẹ́, ẹni tó bá sì ní ẹ̀rọ tó ń yọ́ gbọ́ yóò gbá a mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí wáífáì tó ń lo WPA2, ìlànà ààbò tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò, páásíwọọ̀dù kì í kúrò nínú fóònù lásìkò tó bá ń wọlé. Kò ránṣẹ́ odidi rẹ̀, kò ránṣẹ́ ìdajì rẹ̀, kò tilẹ̀ dì í pa kó tó fi ránṣẹ́.

Pé ẹni tó ń yọ́ gbọ́ lè gbọ́ ohun tí fóònù àti ráútà ń bá ara wọn sọ nígbà náà, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn, gbangba ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ohun tí àwọn èèyàn ń rọ̀ mọ́ ni ẹ̀rí kan tó dà bíi pé kò ṣeé dá lóhùn: "Bí mo bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ̀, wọ́n á sọ fún mi pé páásíwọọ̀dù ò tọ̀nà. Báwo ni ráútà ṣe mọ̀, bí kò bá rí ohun tí mo tẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ kò tíì mọ̀ ni pé ẹni méjì tí wọ́n jọ mọ àṣírí kan lè yẹ ara wọn wò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn dárúkọ àṣírí náà. Ráútà ti ní páásíwọọ̀dù tirẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Kò nílò kí o tún fún un. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bá tirẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà kéékèèké ṣe é. Ká ní àṣírí tí àwa méjì jọ mọ̀ ni 83. Ìwọ sọ nọ́ńbà kan tó wá sí ọ lọ́kàn, 641. Èmi náà sọ tèmi, 275. A ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tí wọ́n bá ń yẹ̀ wò yóò fi nọ́ńbà tìrẹ sọ àṣírí náà di púpọ̀, yóò fi nọ́ńbà tèmi kún un, yóò sì dárúkọ nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn nìkan. Mo ṣe é nínú ọkàn mi: 83 lọ́nà 641 jẹ́ 53203, mo fi 275 kún un, ó di 53478. Mo wá sọ síta pé "78". Ìwọ náà ti ṣírò tìrẹ ní kọ̀rọ̀, 78 ló bọ́ sí. O ti wá mọ̀ pé mo mọ àṣírí náà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọ́ 83 lẹ́nu àwa méjèèjì. Ká ní 19 ni mo rò pé àṣírí náà jẹ́, 54 ni ǹ bá dárúkọ, ìwọ ìbá sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n o ò ní mọ̀ pé 19 ni mo lò. Ohun kan ṣoṣo tó hàn sí ọ ni pé ìdáhùn wa ò dọ́gba.

Ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan tó gbọ́ "78" kò lè padà wá lọ́la kó tún un sọ. Lọ́la, ìwọ yóò mú nọ́ńbà mìíràn, ká ní 509, ẹni tó ń wọlé yóò mú tirẹ̀, ká ní 118. Ìdáhùn ọjọ́ náà yóò jẹ́ 65. 78 ti di ti àná. Ìdí tí àwọn méjèèjì fi ń mú nọ́ńbà tuntun nìyẹn ní gbogbo ìgbà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín fóònù àti ráútà kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé nọ́ńbà wọn tóbi, ìṣirò wọn sì ju ìsọdipúpọ̀ lọ. Wọ́n máa ń lọ àṣírí náà kúnná. Ohun tí a bá ti lọ̀ kúnná kì í padà di odidi mọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìṣirò yìí: ó rọrùn láti ti páásíwọọ̀dù dé ìdáhùn, kò sì sí ọ̀nà tí a mọ̀ láti ti ìdáhùn padà sẹ́yìn sí páásíwọọ̀dù. Kí ohunkóhun tó lọ síta, fóònù á po páásíwọọ̀dù pọ̀ mọ́ orúkọ wáífáì náà, á sì lọ̀ wọ́n ní ìgbà 4096. Ohun tó bá jáde ni kọ́kọ́rọ́ àgbà. Lórí kọ̀ǹpútà Linux, ẹ lè rí i fúnra yín. Ká ní orúkọ wáífáì ni `IEEE`, páásíwọọ̀dù sì ni `password`:

```
$ wpa_passphrase IEEE password
network={
	ssid="IEEE"
	#psk="password"
	psk=f42c6fc52df0ebef9ebb4b90b38a5f902e83fe1b135a70e23aed762e9710a12e
}
```

Ìlà gígùn tó tẹ̀ lé `psk=` yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àgbà. Ráútà ní tirẹ̀, fóònù ní tirẹ̀, òun náà kì í sì lọ sójú afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀rọ̀ sì máa ń lọ tó ń bọ̀. Ráútà á kọ́kọ́ fi nọ́ńbà tirẹ̀ ránṣẹ́, báìtì 32. Iṣẹ́ kìíní nìyẹn. Fóònù á mú nọ́ńbà tirẹ̀, á po kọ́kọ́rọ́ àgbà, nọ́ńbà méjèèjì àti àdírẹ́sì ẹ̀rọ àwọn méjèèjì pọ̀, á lọ̀ wọ́n, á sì rí kọ́kọ́rọ́ tó wà fún ìjókòó yìí nìkan. Á wá fi apá kan lára kọ́kọ́rọ́ náà lu èdìdì lé iṣẹ́ kejì, èyí tó gbé nọ́ńbà tirẹ̀ lọ fún ráútà. Ráútà á ṣe ìṣirò kan náà, á lu èdìdì tirẹ̀, á sì gbé e ti èyí tó dé. Bí wọ́n bá dọ́gba, ráútà á fi iṣẹ́ kẹta ránṣẹ́ pẹ̀lú èdìdì tirẹ̀, kí fóònù náà lè yẹ ráútà wò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: àwọn méjèèjì ló ń fi ẹ̀rí hàn. Ráútà èké tó kàn jẹ́ orúkọ kan náà, tí kò mọ páásíwọọ̀dù, kò lè lu èdìdì iṣẹ́ kẹta, fóònù ò sì ní gbà á wọlé. Iṣẹ́ kẹrin kò ju kí fóònù sọ pé òun ti gbọ́.

Ó yá, ká padà sórí lẹ́tà tí wọ́n ṣì tẹ̀. Bí o bá tẹ páásíwọọ̀dù tí kò tọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ àgbà tìrẹ á yàtọ̀ pátápátá, kódà bó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo lo ṣì. Èdìdì iṣẹ́ kejì ò ní bá ti ráútà mu. Kí ni ráútà máa wá sọ? Kò ní sọ nǹkan kan. Á da iṣẹ́ náà nù, á tún fi iṣẹ́ kìíní ránṣẹ́, á tún un ṣe bí ìgbà mélòó kan, lẹ́yìn náà á já fóònù sílẹ̀ nítorí pé àkókò ti lọ. Kò sí iṣẹ́ kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó túmọ̀ sí "páásíwọọ̀dù rẹ ò tọ̀nà". Fóònù fúnra rẹ̀ ló rò ó pé bí wọ́n ṣe já òun sílẹ̀ níbi iṣẹ́ kejì yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ páásíwọọ̀dù ni. Ohun tí `wpa_supplicant`, ètò tó ń so ẹ̀rọ Linux mọ́ wáífáì, máa ń kọ sílẹ̀ nìyí:

```
WPA: 4-Way Handshake failed - pre-shared key may be incorrect
```

Ẹ wo `may be` tó wà níbẹ̀ dáadáa. Ó ń sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí fóònù fi lè bá ọ jà lórí páásíwọọ̀dù tó tọ̀nà, bí o bá jìnnà sí ráútà tí iṣẹ́ kejì tàbí ìkẹta ń sọnù lọ́nà. Bí o bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́, sún mọ́ ráútà kí o tún un gbìyànjú. Tó bá wọlé, ìgbì tó rẹ̀ ló fa tàkọ́kọ́. Tó bá kọ̀ bí o ṣe dúró tì í, tún páásíwọọ̀dù tẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé wá, "ráútà sọ fún mi", ráútà ò sọ ọ́ rí.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbọ́ èyí kó wá sọ pé kò sẹ́ni tó lè mọ páásíwọọ̀dù òun. Ẹ rántí 78. Ẹni tó gbọ́ 641, 275 àti 78 lè jókòó sílé rẹ̀ kó gbìyànjú àṣírí láti 0 dé 99 lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi kan èyí tó bọ́ sí 78. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá gbọ́ nọ́ńbà méjèèjì, àdírẹ́sì méjèèjì àti èdìdì iṣẹ́ kejì: kò rí páásíwọọ̀dù gbà, ṣùgbọ́n ó rí ohun tó lè fi yẹ àbá rẹ̀ wò, ráútà ò sì ní mọ̀. Kódà ráútà èké tí mo mẹ́nu bà lókè ń rí iṣẹ́ kejì gbà kí fóònù tó kọ̀ ọ́. Ìlọ̀ 4096 yẹn wà níbẹ̀ láti fà á sẹ́yìn, ó kàn jẹ́ pé agbára rẹ̀ níwọ̀n. Bí páásíwọọ̀dù rẹ bá jẹ́ díjíìtì mẹ́jọ, mílíọ̀nù 100 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè yẹ àbá mílíọ̀nù kan wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò parí wọn ní ìṣẹ́jú àáyá 100. Gbólóhùn gígùn tí kò sí nínú àkójọ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. WPA3, ìlànà tó tẹ̀ lé WPA2, tó jáde ní 2018, yí ìṣirò náà padà débi pé ẹni tó bá fẹ́ dán àbá kan wò ní láti bá ráútà tàbí fóònù sọ̀rọ̀ lákọ̀tun. Kò lè gbé e lọ jókòó sílé mọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo lè sọ tán pátápátá kò ju pé ìbọwọ́ náà kì í gbé páásíwọọ̀dù rìn. Ibì kan wà tó ti ń rìn lóòótọ́: nígbà tí ìwọ fúnra rẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì. Ráútà èké kan lè jẹ́ orúkọ wáífáì ilé rẹ, kó wà ní ṣíṣí láìní páásíwọọ̀dù, kí ojú ìwé kan sì yọ lẹ́yìn tí o bá wọlé tán, tí yóò ní kí o tẹ páásíwọọ̀dù wáífáì rẹ kí ráútà lè "tún ara rẹ̀ ṣe". Kò sí ìbọwọ́ kankan níbẹ̀, kò sí ìlọ̀, kò sí èdìdì. Àpótí tí fóònù fi ń gba páásíwọọ̀dù wáífáì wà nínú ètò fóònù fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí ojú ìwé. Bí orúkọ tó máa ń ní àmì àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ṣàdédé wà láìní in, má wọ ibẹ̀.