Gílóòbù tó wọ hódà lè má bá iná ilé yín mu

"Ṣé oní-píìnì ni àbí oní-síkúrù?" Ohun tí ẹni tó ń ta gílóòbù kọ́kọ́ máa ń bi oníbàárà nìyẹn, lẹ́yìn rẹ̀ ló máa wá béèrè iye wáàtì. Tí a bá ti dá a lóhùn, a ó sanwó, a ó máa lọ sílé, ọkàn wa á sì balẹ̀ pé èyí tó bá ti wọ ojú hódà ni èyí tó yẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ṣe ni wọ́n dìídì ṣe ìdí gílóòbù bẹ́ẹ̀, kí èyí tí kò bá iná ilé mu má baà lè wọlé rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí gílóòbù máa ń sọ bó ṣe máa dúró nínú hódà àti ibi tí iná máa gbà wọ inú rẹ̀. Kì í sọ iye fóòtì tí gílóòbù náà lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn ìdí náà bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n sára páálí. Èyí tí à ń pè ní oní-píìnì lọ́jà wa ni gílóòbù tó ní irin tín-ín-rín méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀, tí a máa ń tì wọlé kí a tó yí i díẹ̀. Òun náà ló wọ́pọ̀ nínú ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. B22 tàbí B22d ni wọ́n ń kọ sí i. B dúró fún bàyónẹ́ẹ̀tì, 22 ni ìbú ìdí náà ní mìlímítà, d sì ń sọ pé ojú ibi tí iná ń gbà wọlé nísàlẹ̀ jẹ́ méjì. Ti oní-síkúrù, lẹ́tà E ló máa ń wà níwájú, ìyẹn E ti Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ wà lára irú ìdí yìí. E27 ni èyí tó tóbi, tí a mọ̀ dáadáa. E14 ni kékeré, èyí tó máa ń wà lára àwọn iná ẹ̀ṣọ́ òkè àjà àti iná ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ẹni tó bá ní "oní-síkúrù" lásán kò tíì sọ èwo ló fẹ́ nínú méjèèjì.

Ẹni tó bá sì ń rajà lórí fóònù ní láti ṣọ́ra pẹ̀lú "píìnì". Ọ̀pọ̀ òǹtajà tó wà lókè òkun á rò pé gílóòbù kékeré inú àjà là ń wí, èyí tí píìnì rẹ̀ méjì dúró gbọọrọ nísàlẹ̀. Lára wọn ni GU10 àti GU5.3. Nọ́ńbà yẹn ni bí píìnì kan ṣe jìnnà sí èkejì ní mìlímítà. Orí píìnì GU10 nípọn, yíyí la máa ń yí i wọlé, iná ilé tààrà ló sì sábà máa ń lò. Píìnì GU5.3 tẹ́ẹ́rẹ́, títì la máa ń tì í wọlé, fóòtì 12 ló sì sábà máa ń gbà láti ara ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú àjà. Ọ̀kan kò lè wọ ojú ihò èkejì. Níbí yìí, ìgbàgbọ́ tí mo ń sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́.

Lọ́dọ̀ E27 àti B22 ni kò ti rí bẹ́ẹ̀ rárá, ibẹ̀ ló sì ti ń náni lówó. Ẹ wo ilé kan ní Ìbàdàn tó ń lo iná ìjọba ní pálọ̀, tó tún ní sólà kékeré tó ń lo bátìrì fóòtì 12 ní kíṣìnì. Hódà E27 ni oníṣẹ́ iná fi sí ibi méjèèjì. Gílóòbù pálọ̀ jóná, ìyá ilé sì rán ọmọ lọ ra oní-síkúrù, wáàtì 9. Ọmọ mú èyí tí wọ́n kọ "DC 12V" sí lára bọ̀, nítorí ìdí E27 náà ni wọ́n ṣe fún àwọn gílóòbù sólà. Ó wọ hódà pálọ̀ bó ṣe yẹ. Bí wọ́n ṣe tan iná, fóòtì bíi 230 kọlu ohun tí wọ́n ṣe fún 12, gílóòbù náà sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ kì í pariwo, àmọ́ owó tó máa ń jẹ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá gbé gílóòbù "220-240V" sí hódà sólà ní kíṣìnì, kò níí jóná, kò sì níí tàn. Iná ibẹ̀ kéré jù fún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé bátìrì ti kú, ó sì lè tìtorí gílóòbù ra bátìrì tuntun. Kí a tó dá bátìrì lẹ́bi, ká yọ gílóòbù náà, ká ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀.

Irú nǹkan kan náà máa ń ṣẹlẹ̀ sí iná orí tábìlì tí àwọn ẹbí bá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. E26 ni ìdí gílóòbù wọn níbẹ̀, mìlímítà kan péré ló sì wà láàárín òun àti E27, nítorí náà àwọn méjèèjì sábà máa ń wọ hódà ara wọn. Fóòtì 120 ni iná wọn. Gílóòbù tó bá wọn dé, tó sì jẹ́ "120V" nìkan ni wọ́n kọ sí i, kò níí pẹ́ jóná lórí iná wa. Ẹ ò tilẹ̀ nílò kí ìdí yàtọ̀ rárá. Ní Bùràsíìlì, fóòtì 127 ni iná ìlú Sàlífádọ̀, 220 ni ti Résífè, E27 sì ni ìlú méjèèjì ń lò.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ka ara gílóòbù tó kú, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ wọ́n: ìdí, fóòtì, wáàtì. Bí àpẹẹrẹ, E27, 220-240V, 9W. Ẹ wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòtì pẹ̀lú. Èyí tó rí bí ìgbì omi (~) ni ti iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀. DC, tàbí ìlà tààrà tí ìlà gígékúrú wà lábẹ́ rẹ̀, ni iná tó ń wá láti ara bátìrì. Tí ẹ bá rí 85-265V, gílóòbù náà lè gba iná wa àti ti Amẹ́ríkà, àmọ́ kì í ṣe ti bátìrì fóòtì 12.

Tí ohun tí wọ́n kọ bá ti pa rẹ́, ẹ fi rúlà wọn ìbú ìdí gílóòbù náà. Oní-síkúrù tó bá fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 26 tàbí 27 ni ńlá, èyí tó bá jẹ́ 14 ni kékeré. Gílóòbù tí a ti yọ kúrò ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má ki irin bọ inú hódà. Rúlà kò lè sọ fóòtì fún yín. Wáyà tó lọ sí hódà náà la máa tọ̀, láti mọ̀ bóyá bátìrì ló ti wá tàbí ara mítà.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wáyà ilé, tó sì fẹ́ lo bátìrì fóòtì 12, lè sọ fún oníṣẹ́ iná rẹ̀ kó fi hódà B22 sí gbogbo ojú iná ìjọba, kó sì fi E27 sí ti bátìrì nìkan. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, gílóòbù pálọ̀ kò níí lè wọ hódà bátìrì, ti bátìrì náà kò sì níí lè wọ ti pálọ̀, bí ẹ bá ṣáà ti ń ra ti bátìrì ní E27.